Háípáàsì nìkan ò lè mú orin tó rú mọ́ gaara

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò kan tó ń darí kúáyà ní Ìkẹ́rẹ́ wá bá mi ní yàrá iṣẹ́ mi l'Ádó-Èkìtì, ó di fíláàṣì mú lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn wá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbọ́ orin yìí, mo ti ṣe é títí ó ti sú mi. Tí mo bá fi ìyàfóònù gbọ́ ọ, mo lè fara mọ́ ọn, àmọ́ tí mo bá ti gbé e sínú mọ́tò báyìí, ṣe ló ń dún hùùù bí ẹni tó ń kọrin nínú àmù, àwọn èèyàn ò gbọ́ ohun tí à ń sọ rárá."

Mo ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Tíráàkì 14 ló wà níbẹ̀: kíìkì, gìtá bésì, píánò, sítíríǹgì tí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀, gìtá kan, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn òun fúnra ẹ̀ tó lé orin, àtàwọn elégbè 6, obìnrin 4, ọkùnrin 2. Mo wá rí i pé gbogbo wọn pátá ló fi háípáàsì sí, ìyẹn asẹ́ tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, ó sì gbé gbogbo ẹ̀ sórí 200 Hz, kódà títí kan bésì. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé tí orin bá ti rú, háípáàsì ni oògùn ẹ̀. Orin ọ̀hún wá rú síbẹ̀, ó sì tún tín-ín-rín, kò lẹ́ran lára mọ́, ìyẹn ni pé ó jìyà méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun tó ń rú orin yìí wà. Hz tí ẹ ń rí lójú íkíù, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí tí a fi ń gé e, iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tó bá gbọ̀n nígbà 50, ohùn ìsàlẹ̀ gan-an nìyẹn, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ nínú àyà tí wọ́n bá ń lu kíìkì. Tó bá gbọ̀n nígbà 5,000, ó ti di ti òkè, ibi tí "s" àti "ṣ" ti ń han. Ohun táwọn ará sítúdíò ń pè ní mọ́dì, ìyẹn rírú yẹn, láàárín 200 sí 500 Hz ló máa ń sábà wà, àwọn kan ń pè é ní lóò-mídì. Ẹ lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ C tó wà láàárín gbùngbùn, 262 Hz nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí G tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, 196 nìyẹn, ẹ tún gòkè lọ sí B tó wà lókè C yẹn, 494. Gbogbo agbègbè tí à ń pè ní mọ́dì ò ju ibẹ̀ lọ. Ẹ wá wò ó dáadáa: ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ọwọ́ onípíánò ń gbé, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni obìnrin ti ń kọrin, ibẹ̀ náà kọ́ ni tẹ́nọ̀ ń lé orin dé?

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé mọ́dì kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohùn gidi ni, ohùn tó dáa ni, àárín ilé orin nibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èrò ti pọ̀ jù nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹ ò lè wá lé gbogbo èèyàn jáde, ẹ máa kàn sọ ẹni tó máa jókòó àti ẹni tó máa rọra sún sẹ́yìn ni.

Kí ló wá ń kó èrò jọ síbẹ̀? Àkọ́kọ́, ohùn tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ gan-an kì í dá dúró sísàlẹ̀. Tí bésì bá ta okùn E tó wọlẹ̀ jù, bí 41 Hz ni ìdí ẹ̀, àmọ́ ó tún ń dún ní ìlọ́po ẹ̀, 82, 123, 165, 206, 247, ó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bésì tí ẹ rò pé ó wà nísàlẹ̀ ti fẹsẹ̀ kan tẹ àdúgbò mọ́dì.

Èkejì ni yàrá tí a ti gba ohùn sílẹ̀, èyí ló sì burú jù nínú orin àbúrò mi yìí. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti gba elégbè sílẹ̀, ó ní nínú yàrá òun ni, yàrá búlọ́ọ̀kù tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mítà 3 lọ, àwọn 6 náà sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró síbì kan náà níwájú máìkì kan náà. Ó ní òun ti lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri yíká kó má baà máa dún padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lẹ páálí ẹyin, ẹ gbọ́ mi dáadáa: páálí ẹyin àti fóòmù pẹlẹbẹ, ohùn òkè nìkan ni wọ́n ń gbà mú, wọn ò lè ṣe nǹkan kan sí ìgbì tó gùn. Ìgbì 60 Hz gùn tó mítà 5 àtààbọ̀, ti 250 Hz tó mítà 1 lé díẹ̀, kí ni páálí ẹyin fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Nítorí náà yàrá yẹn á gbé ohùn òkè mì, á sì fi ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín sílẹ̀ kó máa yí láàárín ògiri, wàá wá rò pé yàrá ẹ ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ṣe lo tún mú kó rú sí i. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3 máa ń gbé ohùn sókè níbi bíi 57 Hz, ó tún máa ń gbé e ní ìlọ́po ẹ̀, 114, 171, 228. Èèyàn 6 wá dúró sójú kan náà, yàrá gbé ohùn kálukú wọn sókè níbì kan náà, ẹ wá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léra. Bí ohùn 6 bá lágbára dọ́gba níbì kan, tí wọ́n bá papọ̀, agbára wọn á fi bí 8 dB ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ, dB ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe lágbára tó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rú tí ẹ bá gbọ́ ọ lóun nìkan, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi ò fi rí ẹlẹ́ṣẹ̀ náà, ó ń tẹ Solo, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí tíráàkì kan dá dún, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń dún dáadáa.

Máìkì náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máìkì tí à ń fi kọrin, tí ẹnu bá ti súnmọ́ ọn jù, ohùn ìsàlẹ̀ á wú. Òun fúnra ẹ̀, ètè ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan máìkì nígbà tó ń lé orin.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ rí àmọ́ tó kàn wá l'Ékìtì níbí. Èdè ilé ni wọ́n fi kọ orin náà, ẹ sì mọ̀ pé níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń fi "i" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "u" la máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilé di ulé, igbá di ugbá. Tí èèyàn bá pe "i", ohùn ẹ̀ ní ìdúró kan nísàlẹ̀ níbi bíi 300 Hz, ó tún ní òmíràn lókè níbi bíi 2,000 sókè, ti òkè yẹn ló ń tàn tí etí fi ń rí i láàárín èrò. Àmọ́ tí èèyàn bá pe "u", ìdúró ìsàlẹ̀ wà ní 300 náà, ìkejì ò sì kọjá bíi 800, kò ní nǹkan tó ń tàn lókè. Gbogbo ara ẹ̀ wà nínú àdúgbò tí èrò ti pọ̀. Nítorí náà tí lóò-mídì bá ti kún, "ulé" á kọ́kọ́ rì kí "ilé" tó rì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè Èkìtì kọrin, ẹ ní láti ṣọ́ra ju àwọn tó ń fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọrin lọ, torí ohùn ìsàlẹ̀ tó lágbára máa ń bo tòkè mọ́lẹ̀ létí èèyàn ju bí tòkè ṣe ń bo tìsàlẹ̀ lọ.

Ó yá, háípáàsì. Orúkọ ẹ̀ lójú ẹ̀rọ lè jẹ́ HPF tàbí Low Cut, nǹkan kan náà ni. Ó dà bí asẹ́, ohun tó wà lókè nọ́ńbà tí ẹ yàn á kọjá, ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni á máa dín kù. Àmọ́ ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú nìyí: kì í gé e bọ́ọ̀lọ́ bí ẹni fi àdá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó máa ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí orí òkè ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń já sílẹ̀ ní 12 dB ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá pín sí méjì. Tí ẹ bá gbé e sórí 100 Hz, ní 100 gan-an, 3 dB péré ló ti lọ, ní 50 ó ti lọ bí 12, ní 25 bí 24. Ní 200 wá ńkọ́? Kò sí nǹkan kan tó lọ níbẹ̀ tí etí lè mọ̀. Ní 300, òfo.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìyẹn yẹ iṣẹ́ àbúrò mi wò. Ó gbé ohùn ara ẹ̀ sórí 200 Hz. Ohùn tó ń rú un gan-an, nígbà tí mo wá a, níbi bíi 280 ló wà. Ní 280, háípáàsì yẹn ò mú ju nǹkan bí 1 dB lọ. Àmọ́ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ kọ C tó wà nísàlẹ̀ ti àárín, tó jẹ́ 131 Hz, bí 8 dB ló ti bọ́ lára ohùn ẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó mú 8 níbi tí kò lẹ́ṣẹ̀, ó mú 1 lọ́dọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó wá rò pé kò le tó, ó bi mí bóyá kóun gbé e sórí èyí tó ń já gidi, 24 dB. Ìyẹn á tún burú sí i ni, torí ó máa mú bí 15 dB ní 131, àmọ́ ní 280 kò ní mú tó ààbọ̀ dB pàápàá, bó ṣe túbọ̀ ń já sí i bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń fi ohun tó wà lókè ẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Nítorí náà tí orin yín bá rú, tí ẹ sì ń gbé háípáàsì sókè títí, títí, tí mọ́dì ò lọ, ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò tíì gbé e tó. Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹ̀ wá ni kí ó kó ohun tí ohun èlò náà ò ní lò dànù: ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò, iná NEPA tó ń hùn ní 50 àti 100 Hz, fáànù, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ tó gba ìdúró máìkì gòkè, afẹ́fẹ́ ẹnu tó ń dún bóò lórí "b" àti "p". Lórí tíráàkì kan ẹ lè má gbọ́ wọn, àmọ́ wọ́n wà nínú máìkì gbogbo, wọ́n sì ń jẹ àyè lọ́wọ́ kíìkì àti bésì. Bí ẹ ṣe máa rí nọ́ńbà tó tọ́ nìyí: ẹ jẹ́ kí gbogbo orin máa dún, ẹ má tẹ Solo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20 kí ẹ máa gbé háípáàsì gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ohun èlò yẹn ti ń tín-ín-rín, kí ẹ wá dá a padà sẹ́yìn títí ara ẹ̀ á fi padà wá. Ẹ dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é nígbà tí Solo wà lórí, ẹ máa dúró síbi tó kéré jù torí yóò máa wù yín kó sanra lóun nìkan, ìyẹn ò dáa. Àmọ́ tí ẹ bá kàn ń wo nọ́ńbà tẹ́nìkan kọ sílẹ̀ fún yín láìfetí sí i, ẹ máa dúró síbi tó pọ̀ jù, ìyẹn náà ò dáa.

Àbúrò mi béèrè ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi nínú. Ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá gé ìsàlẹ̀ ohùn, ṣé àmì ohùn Yorùbá ò ní bà jẹ́, ṣebí ìsàlẹ̀ ni ohùn mi ti ń bẹ̀rẹ̀?" Ẹ gbé e yẹ̀ wò, ṣé ẹ ti gbọ́ ìpè fóònù ayé àtijọ́ rí? 300 sí 3,400 Hz péré ni wọ́n fi ń gbé e kọjá. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lásán, ìdí ẹ̀ máa ń wà láàárín bíi 85 sí 180, gbogbo ẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ 300, wọ́n ti gé e dànù. Síbẹ̀ tí bàbá yín bá pè yín láti Ìjerò, ẹ mọ̀ pé bàbá yín ni, ẹ sì mọ̀ bóyá ọkọ́ ló ní kí ẹ rà ni tàbí ọkọ̀. Etí máa ń fi àwọn ìlọ́po tó kù gbé ìdí ohùn náà padà fúnra ẹ̀. Nítorí náà háípáàsì ò lè pa àmì ohùn. Ohun tó lè pa ni sísanra ohùn, àti ohun tó ń mú kó dà bí ẹni tó wà níwájú yín, ìyẹn náà sì ṣe pàtàkì.

Mo wá ṣí gbogbo háípáàsì tó fi sí i, mo pa wọ́n, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bésì, mi ò fi sí i ju 30 lọ. Kíìkì, mi ò fi sí i rárá. Ohùn tó lé orin dúró sí 90. Àwọn obìnrin elégbè, ohùn wọn tó wọlẹ̀ jù nínú orin náà ni G tó jẹ́ 196, nítorí náà 150 ò pa wọ́n lára. Àwọn ọkùnrin méjèèjì, 110. Gìtá, 100. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè lọ sókè dáadáa torí kò ní nǹkan tó ń ṣe nísàlẹ̀, mo gbé e sí 400, kò sẹ́ni tó mọ̀. Gángan ni mo ṣọ́ jù, torí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni, tó bá fẹ́ sọ ohùn ìsàlẹ̀, ọsán ìlù náà á dẹ̀, ohùn á rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí háípáàsì bá dúró sójú ọ̀nà yẹn, ẹ máa gbọ́ pé ohùn òkè ìlù náà dún ketekete, tìsàlẹ̀ wá di kóókóó, ọ̀rọ̀ tí àyàn ń sọ á sọnù. 70 ni mo fi í sí, mo sì fetí sí gbogbo ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ti mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kíìkì àti bésì ti rí ara wọn. Àmọ́ orin ṣì ń dún bí inú àmù, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn torí a ò tíì fọwọ́ kan 280. Íkíù ló kàn.

Àwọn kan máa ń gbé bọ́tìnì íkíù sókè gan-an, bíi 12 dB, kí Q rẹ̀, ìyẹn bí ibi tó kàn ṣe fẹ̀ tó, tín-ín-rín, kí wọ́n máa fà á lọ fà á bọ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ ibi tó burú. Mo máa ń lò ó díẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohunkóhun tí ẹ bá gbé sókè ní 12 dB á dún burúkú, kódà ibi tó dára, ẹ máa wá gé ihò márùn-ún sára ohùn tí kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lọ lódìkejì. Orin máa dún odindi, mo máa mú bọ́tìnì kan lórí àwọn elégbè tí mo ti so pọ̀ sójú kan, Q bíi 1, tó máa gbòòrò níwọ̀nba, mo máa gé 6 dB, mo máa wá rọra fà á láti 150 lọ sí 600. Mi ò fetí sí elégbè rárá. Ohùn tó lé orin ni mò ń gbọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ti jáde síta lójijì bí ẹni ṣí fèrèsé, ibẹ̀ ni mo máa dúró, mo máa wá dín gígé yẹn kù títí màá fi rí èyí tó kéré jù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú orin yìí, ibẹ̀ jẹ́ 280, gígé náà sì dúró sí 4 dB. Pẹ̀lú Q 1, kì í ṣe 280 nìkan ló kàn, láti bí 170 títí dé 450 ló rọra wọlẹ̀.

Mo bi í lẹ́yìn ìyẹn pé, "Ta lo fẹ́ kó ni àdúgbò yìí nínú orin ẹ?" Ó ronú díẹ̀, ó ní ohùn òun àti gángan. Ìdáhùn yẹn ló darí gbogbo ohun tó kù. Píánò, mo gé 3 dB ní 300. Sítíríǹgì ń tẹ kọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú píánò, kò sídìí tí wọ́n fi máa gbé ibẹ̀ pọ̀, òun ni mo gbé háípáàsì ẹ̀ sókè débi 250, torí pé ẹlòmíràn ti ń ru ohun tó máa bọ́ lára ẹ̀. Bésì, 2 dB péré ní 250, mi ò jẹ́ gé ju bẹ́ẹ̀ lọ torí spíkà fóònù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdí bésì jáde, àwọn ìlọ́po tó wà lókè yẹn lẹni tó ń fi fóònù gbọ́ orin fi ń mọ̀ pé bésì wà. Ohùn tó lé orin, 2 dB ní 200, ìyẹn fún sísúnmọ́ máìkì jù, ó tán. Gángan, mi ò fọwọ́ kàn án. Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, rífáàbù, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn máa dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá. Ohunkóhun tó bá wọnú ẹ̀, ṣe ló ń nà án gùn, tó bá sì na 280, ó ti da omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tòrò rú padà. Mo fi háípáàsì sórí rífáàbù fúnra ẹ̀ ní 300, ohùn gbígbẹ ṣì sanra, àmọ́ ìrù ẹ̀ ti fúyẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe dáadáa tàbí ẹ ń tan ara yín jẹ, ẹ má kàn máa tẹ Bypass, bọ́tìnì tó ń tan íkíù tó sì ń pa á. Tí ẹ bá gé nǹkan, ohùn náà á dínkù, etí èèyàn sì máa ń fẹ́ràn èyí tó bá pariwo jù, ẹ máa rò pé èyí tí ẹ ò tíì gé ló dáa. Ẹ fi bọ́tìnì ìjáde íkíù gbé e sókè díẹ̀ títí tí méjèèjì á fi pariwo dọ́gba, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Tí ẹ bá wá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ hàn, tí ohùn ṣì ní àyà, ẹ ti dé ibi tó yẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá hàn àmọ́ tí ohùn dà bíi ti rédíò kékeré, ẹ ti gé jù, ẹ dá ààbọ̀ ẹ̀ padà. Kí ẹ sì máa sinmi, torí tí ẹ bá ti gbọ́ mọ́dì fún wákàtí méjì gbáko, etí yín ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ibì kan wà tí íkíù ò dé, mi ò sì fi pa mọ́ fún un. Nínú ègbè, ọwọ́ òsì onípíánò ń tẹ ohùn kan náà tí bésì ń ta, lójú kan náà, gbogbo ìgbà. Mo gé e, mo gé e, wọ́n ṣì ń jà níbẹ̀. Gígé lè dín ìjà kù, kò lè sọ orin méjì tí wọ́n tẹ̀ sójú kan náà di méjì. Mo ní kó pe onípíánò, kó tún ègbè yẹn tẹ̀, kó gbé ọwọ́ òsì kúrò pátápátá tàbí kó gbé e sókè ní ọ́kítéèfù kan. Ohùn elégbè náà, mo ní tí wọ́n bá tún fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n má dúró sójú kan náà, kí wọ́n sún kúrò nítòsí ògiri àti igun yàrá, kí wọ́n fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì jìnnà sí máìkì, kí wọ́n sì so mátíràsì tó nípọn tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì mélòó kan sẹ́yìn wọn dípò páálí ẹyin. Mátíràsì náà ò lè pa 57 Hz, àmọ́ ní 250 sókè, ó ń ṣiṣẹ́.

Ó gbé orin náà lọ sínú mọ́tò ẹ̀ níwájú ilé mi, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo dúró lójú títì ń gbọ́. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, mo gbọ́ "ulé" yẹn ketekete láti òdìkejì títì. Ó pa á, ó ní, "Bọ̀dá, ègbè yẹn ṣì wúwo díẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti ọwọ́ òsì píánò nìyẹn. Ó ti ń pe onípíánò kó tó padà wọlé.